Ta Ló Kọ Lẹ́tà Yìí? Bí Wọ́n Ṣe Ń Ka Lẹ́tà Ìwáṣẹ́, àti Ìbéèrè Tó Ń Fi Ẹni Tó Ni Ín Hàn

Bí lẹ́tà ìwáṣẹ́ bá dé ọwọ́ ẹni tó ti ka ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ rí, ohun kan wà tó máa ń ṣe kó tó wo gírámà, kó tó wo bí ìwé náà ṣe mọ́ tó. Á fọkàn yọ orúkọ ilé iṣẹ́ àti orúkọ iṣẹ́ kúrò níbẹ̀, á wá bi ara rẹ̀ léèrè pé: bí wọ́n bá gbé èyí lọ sí báńkì, sí ilé ìwé, sí ibi tí wọ́n ti ń ta símẹ́ǹtì, ṣé kò ní ṣe é lò níbẹ̀ náà? Bó bá ṣe é lò níbi gbogbo, a jẹ́ pé kò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Lẹ́tà gbogboǹṣe là ń pe irú rẹ̀. Ó dà bí aṣọ tí télọ̀ rán láìwọn ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ni lẹ́tà gbogboǹṣe máa ń gbà wọlé. Àkọ́kọ́ ni bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, níbi tí ẹni tó ń bá èèyàn tẹ̀wé ti ní ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tó kàn ń pààrọ̀ orúkọ àti déètì. Èkejì ni lẹ́tà ọ̀rẹ́, èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé "ti ẹni tó ríṣẹ́ nìyí, ṣe tìrẹ bẹ́ẹ̀." Ìkẹta dé ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, nígbà tí ChatGPT jáde, tí ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lè gba lẹ́tà tó dán gbinrin láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ tó ń wáṣẹ́ rò pé ohun tí wọ́n ń wá nínú lẹ́tà àwọn ni ẹni tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń fi gbogbo agbára pa ojú ọwọ́ ẹni náà rẹ́. Níbi tí àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ẹni tó tẹ̀wé sí. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ohun tó wà nínú ìwé wà nínú orí ẹni tó fọwọ́ sí i, àti lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan pàtó ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó tó ń pín oògùn fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ń wá sítọ́kípà. Ìkéde rẹ̀ béèrè nǹkan mẹ́rin: ẹni tó ti ṣiṣẹ́ sítọ́ọ̀ fún ọdún méjì ó kéré tán, tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oògùn inú fíríìjì, tó lè ka ọjà lóṣooṣù kó sì ṣàlàyé ohun tó bá dín, tó sì mọ Excel í lò. Lẹ́tà mẹ́ta wọlé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí wọ́n sọ la ó fi Yorùbá sọ níbí.

Lẹ́tà kìíní kà báyìí: "Inú mi dùn gidigidi láti béèrè fún ipò tó ṣófo nínú ilé iṣẹ́ yín tó lókìkí. Òṣìṣẹ́ aláápọn ni mí, mo lè bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́, mo sì lè ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ mi. Bí ẹ bá fún mi láǹfààní, n kò ní já yín kulẹ̀."

Ìkejì sọ pé: "Níbi iṣẹ́ mi àtẹ̀yìnwá, mo gbé ètò tuntun kalẹ̀ fún àbójútó ọjà, èyí tó dín àdánù kù ní ìdá 35 nínú 100 láàárín oṣù mẹ́fà, tó sì mú kí ẹ̀ka tó ń rajà àti ẹ̀ka tó ń tà á máa ṣiṣẹ́ ní ìrẹ́pọ̀."

Gírámà ìkẹta ń tiro, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí: "Mo ṣe sítọ́ọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan n'Íbàdàn fún ọdún méjì ààbọ̀. Oògùn wa tó irínwó oríṣi. Èmi ni mo ń kọ bí fíríìjì ṣe tutù sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Oògùn tó bá ku oṣù mẹ́ta kó bàjẹ́, mo máa ń kó o sọ́tọ̀, màá sì sọ fún ọ̀gá."

Nínú nǹkan mẹ́rin tí ìkéde béèrè, lẹ́tà kìíní kò fèsì sí ẹyọ kan. Kì í ṣe pé onítọ̀hún purọ́. Ó lè jẹ́ aláápọn lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó ń kà á kò rí ibi tó máa dì í mú, nítorí kò sí ọ̀lẹ tó máa kọ ọ́ sí lẹ́tà pé ọ̀lẹ lòun. Gbólóhùn tí gbogbo èèyàn lè kọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní kọ òdì kejì rẹ̀, òfo ni lójú ẹni tó ń gbani síṣẹ́. Ó máa fò ó kọjá láìbínú, ṣùgbọ́n kò ní padà síbẹ̀ mọ́.

Àwọn àmì kan tún wà tó ń ṣàkóbá fún irú lẹ́tà yìí ju òfo lọ. Èyí tó burú jù ni orúkọ ilé iṣẹ́ míì tí wọ́n gbàgbé sínú ìpínrọ̀ kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn ni àlàfo tí wọn ò dí, níbi tí akámọ́ ṣì wà tó ń sọ pé kí wọ́n kọ orúkọ ọ̀gá síbẹ̀, tàbí déètì ọdún tó kọjá, tàbí kí ìrísí ọ̀rọ̀ yí padà lójijì níbi tí wọ́n ti lẹ orúkọ tuntun mọ́ ọn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ gírámà nìkan là ń wí yìí. Iṣẹ́ sítọ́kípà ni kéèyàn ka ohun tó wà lára páálí kó tó fọwọ́ sí wéébìlì. Ẹni tí kò ka lẹ́tà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó fi ránṣẹ́ ti fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn díẹ̀.

Lẹ́tà kẹta yàtọ̀ pátápátá. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní ibi tí èèyàn lè di mú: ọdún méjì ààbọ̀, irínwó oríṣi, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, oṣù mẹ́ta. Ẹni tó mọ sítọ́ọ̀ oògùn yóò rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ ti dúró níwájú fíríìjì rí, torí pé ìlànà ni kí wọ́n máa kọ bó ṣe tutù sí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹni tí kò ṣe é rí kì í sábà rántí rẹ̀. Ṣé gírámà kò wá já mọ́ nǹkan kan ni? Iṣẹ́ tí wọ́n ń wá ló máa pinnu. Bó bá jẹ́ akọ̀wé ọ̀gá tàbí ẹni tó máa máa kọ lẹ́tà sí oníbàárà ni wọ́n ń wá, lẹ́tà ìwáṣẹ́ náà ni àpẹẹrẹ iṣẹ́ rẹ̀, gírámà tó tiro á kó bá a. Fún sítọ́kípà, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ṣe pàtàkì.

Lẹ́tà kejì ni ọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀. Ó dára. Ó ní iye, ó ní àkókò, ó sọ àbájáde. Yóò wọ àárín àwọn tí wọ́n máa pè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé kò sí ọjà kankan nínú rẹ̀. Kò sí fíríìjì, kò sí páálí, kò sí ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́. "Ètò tuntun" wo? Àdánù ti kí ni? Ó lè jẹ́ òótọ́ tí ẹlòmíì bá a fi ọ̀rọ̀ ńlá bò, ó sì lè jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti mú 35 yẹn. Lẹ́tà nìkan kò lè sọ èyí tó jẹ́.

Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń ṣe àṣìṣe tiwọn, tí wọ́n á ní àwọn mọ lẹ́tà tí ẹ̀rọ kọ nípa ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Paul Graham, olówó kan tó ń dókòwò sí ilé iṣẹ́ tuntun nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sórí ayélujára pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan báyìí, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ "wá ìdí ọ̀rọ̀ jinlẹ̀," jẹ́ àmì pé ChatGPT ló kọ ìwé. Àwọn ọmọ Nàìjíríà fún un lésì kíákíá, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ń lò láti ilé ìwé girama, kí ẹ̀rọ kankan tó dé. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ńlá. Bí ọ̀gá bá ń fi ọ̀rọ̀ ńlá dá èèyàn lẹ́bi, àwọn tó mọ̀wé gan-an ló máa kọ́kọ́ lé lọ.

Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń mọ ìwé tí ẹ̀rọ kọ náà kò ṣeé fọkàn tẹ̀ fún irú ìpinnu yìí. OpenAI tó ṣe ChatGPT fúnra wọn gbé ọ̀kan jáde, wọ́n sì gbà á padà ní oṣù keje ọdún 2023 nítorí pé kò mọ̀ ọ́n bó ṣe yẹ. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Stanford fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ méje yẹ 91 àròkọ wò, èyí tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn fọwọ́ ara wọn kọ fún ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Tí a bá pín in dọ́gba láàárín àwọn ẹ̀rọ náà, ó lé ní ìdajì àwọn àròkọ yẹn tí wọ́n pè ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ wò ó, èèyàn ló kọ gbogbo wọn.

Ohun kan tún wà tí àwọn kan máa ń yẹ̀ wò: bí lẹ́tà bá wá gẹ́gẹ́ bí fáìlì Microsoft Word, wọ́n á ṣí ibi tí fáìlì ń kọ orúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀ sí, lábẹ́ File, lẹ́yìn náà Info. Bí orúkọ tó wà níbẹ̀ kò bá bá ti ẹni tó ń wáṣẹ́ mu, wọ́n á ní àṣírí ti tú. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ló máa ń wà níbẹ̀, èyí tó lè jẹ́ ti bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ti ẹ̀gbọ́n, tàbí ti ọ́fíìsì tí wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà náà ní tòkúnbọ̀. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà kò ṣẹ̀.

Nítorí náà, ẹnu ni wọ́n á ti gbọ́ ọ, níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn há sórí gùn lọ sókè, ṣùgbọ́n kò ní ìsàlẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ séèyàn lóòótọ́ ní òórùn, ó ní ariwo, ó ní ẹni tó bínú, ó ní nǹkan tí kò lọ bí wọ́n ṣe rò. Tí wọ́n bá ń mú gbólóhùn kan ṣoṣo nínú lẹ́tà, tí wọ́n ń bá a sọ̀ kalẹ̀ ní ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀, ní nǹkan bí ìbéèrè kẹta, ìyàtọ̀ á hàn.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdá 35 yẹn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ rọrùn, ó sì ní ọ̀wọ̀ nínú: "Ẹ kọ ọ́ síbí pé àdánù dín kù ní ìdá 35 nínú 100. Ẹ jọ̀ọ́, 35 nínú kí ni?" Ẹni tó ni iye náà mọ ohun tí wọ́n pín. Á ní, fún àpẹẹrẹ, pé oògùn tó ń bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn láàárín oṣù mẹ́ta tó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà, tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 780. Ẹ ṣírò rẹ̀: 420 ẹgbẹ̀rún ló dín, ìyẹn sì jẹ́ 35 nínú 100 ti mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún. Ó bára mu. Ẹni tí iye náà kì í ṣe tirẹ̀ sábà máa ń tún gbólóhùn inú lẹ́tà sọ ni: "A dín àdánù kù gan-an ni, sà. A gbé ètò tó péye kalẹ̀."

Ìbéèrè kejì á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀: "Báwo lẹ ṣe mọ iye tó ń sọnù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀? Ta ló ka ọjà náà pẹ̀lú yín?" Ìkẹta á kan ilẹ̀: "Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ kà á, ọjà wo ni kò bá ìwé mu, kí ló fà á?" Ẹni tó ti ka ọjà rí kì í wá èsì ìbéèrè yìí jìnnà. Á sọ fún yín nípa bíńkáàdì, káàdì tó máa ń wà níwájú selífù ọjà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sí. Á ní páálí ni wọ́n ń kọ nígbà tí ọjà bá wọlé, ṣùgbọ́n pákẹ́ẹ̀tì ni ẹni tó ń kó o jáde ń kà. Ká ní pákẹ́ẹ̀tì 50 ló wà nínú páálí kan. Ẹni tó kó pákẹ́ẹ̀tì 3 jáde, tó sì kọ "3" sórí káàdì tí wọ́n ń ka páálí, ti yọ 150 kúrò lórí ìwé. Orí ìwé á wá sọ pé pákẹ́ẹ̀tì 147 tó ṣì wà nínú sítọ́ọ̀ ti lọ. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ dé ibi pé ẹni tó ti ṣe ìkàjà lẹ́ẹ̀mẹta máa rẹ́rìn-ín tó bá ń sọ ọ́. Ẹ̀rín yẹn kì í sí nínú lẹ́tà.

Ó tún kù ìbéèrè kan tó lágbára jù lára wọn: "Kí ni ẹ gbìyànjú tí kò ṣiṣẹ́?" Lẹ́tà tí wọ́n bá èèyàn kọ, àṣeyọrí nìkan ló máa ń wà nínú rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ kò sì ronú kan ìjákulẹ̀. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ló máa mọ̀ pé àwọn kọ́kọ́ ní kí àwọn tó ń kó ọjà jáde máa fọwọ́ sí ìwé méjì, tí wọ́n sì pa á tì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan torí pé dẹ́rẹ́bà tó ń gbé ọjà kò ráyè dúró.

Ẹ fetí sí bí èèyàn ṣe ń lo ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. "Mo máa ń rí i dájú pé oògùn wà níbi tó tutù" yàtọ̀ sí "lọ́jọ́ yẹn, iná ti lọ kí n tó dé." Ẹni tó ń sọ ohun tó há sórí kì í kúrò lórí "mo máa ń." Bí wọ́n bá ní kó sọ ti ọjọ́ kan pàtó, á tún padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra pẹ̀lú "a." Nínú ìwé tí àwọn òyìnbó kọ nípa ìgbanisíṣẹ́, wọ́n máa ń ní ẹni tó ń sọ "a ṣe é" dípò "mo ṣe é" ń fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíì. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í fẹ́ kó gbogbo iyì sọ́dọ̀ ara rẹ̀ níwájú àgbà. Kí ọ̀gá má fìyà jẹ ìwà ọmọlúàbí. Kó kàn béèrè pé: "Nínú iṣẹ́ yẹn, apá wo lẹ fọwọ́ ara yín ṣe?" Ọ̀rọ̀ á yọ.

Fíríìjì náà ní ìbéèrè tirẹ̀. Ínsúlínì àti ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 ti Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá béèrè pé "Ẹ sọ ti ọjọ́ kan tí iná lọ tí oògùn wà nínú fíríìjì," èsì gbogboǹṣe ni pé "mo tan jẹnẹrétọ̀." Ẹni tó ṣe é rí sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ohun tí kò ṣe: kò ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì, torí pé ìtutù tó wà nínú rẹ̀ ló ń dáàbò bo oògùn. Á ní òun wo témómítà, òun kọ aago tí iná lọ sílẹ̀, òun pe olóògùn tó ni àṣẹ lórí ọjà náà. Bó bá tún fi kún un pé òun kò jẹ́ kí yìnyín fara kan ínsúlínì tààrà, nítorí pé èyí tó bá ti dì kò ṣeé lò mọ́ bó tilẹ̀ yọ́ padà, ẹ lè pa ìwé ìbéèrè yẹn dé. Ọ̀pọ̀ ló mọ̀ pé ooru ń ba oògùn jẹ́. Pé òtútù àpọ̀jù náà ń bà á jẹ́, àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló sábà máa ń mọ̀ ọ́n.

Ohun tó tún dára ju ìbéèrè lọ ni kí wọ́n fún un níṣẹ́ kékeré kan tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kí wọ́n gbé páálí méjì ti oògùn kan náà síwájú rẹ̀. Ọ̀kan wọlé ní oṣù kìíní, ó sì máa bàjẹ́ ní oṣù kọkànlá. Èkejì wọlé ní oṣù kẹta, ó máa bàjẹ́ ní oṣù kẹjọ. Kí wọ́n ní: "Ṣọ́ọ̀bù kan ń bọ̀ wá gba páálí kan. Èwo lẹ máa gbé fún un?" Ẹni tó há ìlànà sórí pé "èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde" á gbé ti oṣù kìíní. Ìlànà yẹn dára fún bẹ́líìtì àti ìṣó. Nínú sítọ́ọ̀ oògùn, èyí tó máa kọ́kọ́ bàjẹ́ ló ń kọ́kọ́ jáde, ti oṣù kẹta ni wọ́n máa gbé. Ẹ má wo ọwọ́ rẹ̀ nìkan, ẹ wo ojú rẹ̀ náà: ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí á ti yí páálí wá ibi tí wọ́n tẹ déètì sí kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀. Ìdánwò kékeré yìí kò bìkítà nípa ẹni tó kọ lẹ́tà rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Tó bá jẹ́ orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà ti wáyé, àwọn ọ̀gá kan máa ń wo ojú èèyàn bóyá ó ń ka nǹkan. Ojú tó ń lọ sọ́tùn-ún sósì lè jẹ́ ti ẹni tó ń kàwé, ó sì lè jẹ́ ti ẹni tó ń wo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kí ó tó dáhùn lè jẹ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ohun tó sàn ni kí wọ́n rọra dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárín: "Ẹ dúró ná, pákẹ́ẹ̀tì yẹn, ibo ló wà nínú sítọ́ọ̀?" Ẹni tó ń sọ ohun tó rí máa yà síbẹ̀, á dáhùn, á sì padà sí ibi tó ti dúró. Ẹni tó ń ka ìwé kì í mọ ibi tó máa ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣé kí wọ́n wá bi í ní gbangba pé ta ló kọ lẹ́tà? Kí wọ́n bi í, ṣùgbọ́n kí ó má rí bí ti ọlọ́pàá. "Ǹjẹ́ ẹnì kan bá yín dá sí lẹ́tà yìí? Apá wo ni?" Bí èsì bá jẹ́ "Àbúrò mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo sọ ohun tó kọ," kò sí ìṣòro, ìbéèrè tó ṣáájú ti fi hàn bóyá òótọ́ ni. Bí ó bá ní ChatGPT ni òun fi tún gírámà òun ṣe, ìyẹn náà kò burú fún iṣẹ́ yìí. Ohun tó burú ni kó ní òun nìkan ló kọ ọ́, kó má sì lè ṣàlàyé gbólóhùn kejì nínú rẹ̀.

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lè ṣi èèyàn lọ́nà o. Ẹni tí àyà ń já lè gbàgbé orúkọ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. Ẹni tó kúrò níbi iṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin lè má rántí iye mọ́, ṣùgbọ́n wàhálà tó rí níbẹ̀ kì í sábà gbàgbé, nítorí náà ìṣòro ló yẹ kí wọ́n béèrè ju iye lọ. Ẹlòmíì ò ní sọ iye owó ilé iṣẹ́ tó ti kúrò nítorí pé àṣírí wọn ni. Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ní kó sọ bí wọ́n ṣe kà á láìdárúkọ owó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrúùlú kò tíì ní ibi iṣẹ́ kankan láti sọ ti rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti lọ kọ́ṣẹ́ nígbà tó wà nílé ìwé, tàbí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èdè tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú: bí iṣẹ́ kò bá gba Gẹ̀ẹ́sì lọ títí, kí wọ́n ní kí onítọ̀hún fi Yorùbá tàbí píjìn ṣàlàyé. Mélòó ni àwọn tó ń kálòlò ní Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ní kí wọ́n fi èdè ilé sọ ọ́, wọ́n á fọwọ́ júwe sítọ́ọ̀ náà láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ẹ̀yìn!

Kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ bi gbogbo àwọn tí wọ́n pè, ní títẹ̀léra kan náà, kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan sì kọ máàkì tirẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó jọ sọ̀rọ̀. Frank Schmidt àti John Hunter, àwọn onímọ̀ ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kó ìwádìí ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún jọ lọ́dún 1998, wọ́n sì rí i pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ní ètò báyìí ń sọ bí èèyàn ṣe máa ṣiṣẹ́ dáadáa ju èyí tí ọ̀gá kàn ń bi ohun tó bá wá sí i lọ́kàn. Máàkì náà kò nílò wàhálà. Òdo ni fún ẹni tó tún ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà sọ, 1 fún ẹni tó sọ ìlànà láìní àpẹẹrẹ, 2 fún ẹni tó sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀, 3 fún ẹni tó sọ ohun tó fà á, 4 fún ẹni tó sọ ohun tí kò ṣiṣẹ́ àti ìdí rẹ̀.

Ẹ padà sí lẹ́tà mẹ́ta wa. Wọn ò pe ẹni kìíní. Ká ní wọ́n pe ẹni kejì àti ẹni kẹta, wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè ìkàjà, ti fíríìjì, àti ti páálí méjì. Ẹni kejì gba 1 nínú ti ìkàjà, 1 nínú ti fíríìjì, ó sì gbé páálí oṣù kìíní. Ẹni kẹta gba 3, ó gba 4, ó yí páálí kó tó dáhùn. Iṣẹ́ kò tíì bọ́ sí i lọ́wọ́ síbẹ̀. Wọ́n pe ṣọ́ọ̀bù tó ní òun ti ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, wọn ò sì béèrè bóyá ó jẹ́ èèyàn dáadáa, nítorí pé kò sẹ́ni tó máa ní rárá. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nígbà tó wà lọ́dọ̀ yín, ta ló ń kọ bí fíríìjì ṣe tutù sí láàárọ̀?" Wọ́n sì dákẹ́ kí ó dáhùn.